Ìbò Ìpàdé Ẹbí
Àwa 16 la wà nínú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù tí a fi ń ṣètò ìgbéyàwó àbúrò mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ìbò ìpàdé síbẹ̀: Sátidé aago 4, Sọ́ńdè aago 5, Sọ́ńdè aago 7. Kí kálukú tẹ gbogbo èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó tó di aago 8 alẹ́ Ọjọ́rú. Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wá béèrè bóyá aago Nàìjíríà ni. Àǹtí kọ "Àmín." Ẹ̀gbọ́n Àgbà ò tẹ nǹkan kan, wọ́n ní, "Èyíkéyìí ló dára." Aago 8 lù, Sọ́ńdè aago 5 ní ìbò 11, mo kéde rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn náà, Ẹ̀gbọ́n Àgbà dé: "Sọ́ńdè kẹ̀? Ta lẹ bi?" Ìbò tuntun ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́.