Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Yege Lónìí

Àwọn baba wa ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Àwọn olóṣèlú ti sọ ọ́ di tiwọn: "Mo kun ilé ìwé lọ́dà lánàá, ọmọ yege lónìí, ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dà mi ló kọ́ ọmọ níwèé?" Kí ọ̀dà ọ̀hún tó gbẹ, pátákó ìkíni kú oríire á ti dúró gbọn-in lọ́jà Ìwó. Ta ló ń béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní àjẹ́ ò ké?

Ẹ gbé ìbéèrè yìí lé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án 1976. Lẹ́yìn ètò náà, àwọn ọmọ kàwé sí i. Ṣùgbọ́n owó epo náà ń wọlé nígbà yẹn. Èwo ló ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì?

Àwọn aṣèwádìí méjì, Una Osili àti Bridget Long, wá ibi tí wọn yóò fi wé e nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Ìwọ̀-oòrùn, tí Ìwó wà nínú rẹ̀, ti ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ láti oṣù Kìíní 1955, nítorí náà ètò tuntun náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ibẹ̀ padà. Ibi tí ilé ìwé ti ṣọ̀wọ́n ni owó ìkọ́lé pọ̀ sí. Wọ́n wá fi àwọn obìnrin tí wọ́n bí láàrin 1970 sí 1975 wé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ti dàgbà kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ètò tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye tí mo kàn dá sílẹ̀ ṣàlàyé. Níbi tí owó pọ̀ sí, ẹ̀gbọ́n kàwé ọdún 2, àbúrò ka 6: wọ́n fi 4 lé e. Níhà tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀gbọ́n ka 6, àbúrò ka 8: a fi 2 lé e. Olóṣèlú á kó 4 sápò. Aṣèwádìí á yọ 2 tiwa kúrò, á ní ohun tí ètò ṣe kò ju 2 lọ, nítorí pé ibẹ̀ náà ì bá ti fi 2 lé e bí owó ńlá náà ò tilẹ̀ dé.

"Ì bá" yẹn ni gbogbo ìṣirò náà gbára lé. Kò di dandan kí ìhà méjèèjì wà ní ipò kan náà. Ohun tó di dandan ni pé, ká ní ètò kò dé, iye kan náà ni wọn ì bá máa fi tẹ̀ síwájú. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí ìyẹn. Èyí tó ṣeé ṣe ni ká wo ẹ̀yìn: ká fi àwọn ẹ̀gbọ́n wé àwọn tó tún jù wọ́n lọ, nígbà tí ètò kò kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ìṣirò kan náà bá tún mú 2 jáde níbẹ̀, irọ́ ni àṣeyọrí náà. Bí ó bá mú òfo jáde, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí tán pátápátá. Ìwọ̀-oòrùn ti jẹ èrè 1955. Bí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé bá ti tán nílẹ̀ níbẹ̀, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ á falẹ̀, iye tí a ó yọ á kéré jù, ètò á sì gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Irú ìṣirò yìí ni Osili àti Long gùn lé kí wọ́n tó sọ pé ọdún ìwé kan tí obìnrin bá kà sí i ń dín ọmọ tó ń bí kó tó pé ọdún 25 kù ní 0.26, ìyẹn bí ọmọ kan láàrin obìnrin mẹ́rin.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ètò òun ló tún ìlú ṣe, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ta lo fi wé wa, báwo sì ni àwa méjèèjì ṣe ń tẹ̀ síwájú kí o tó dé? Bí kò bá rí méjèèjì dáhùn, ẹ má pàtẹ́wọ́.