Eyín Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí, ẹbí kún pálọ̀ mi ní Durumi fómfó. Màmá pé àádọ́rin ọdún. Èmi ni wọ́n ní kí n so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ká lè wo àwọn fọ́tò Màmá látijọ́ tí àbúrò mi obìnrin ti ń kó sí gúrúùpù ẹbí láti Ìbàdàn. Mo ṣí gálírì, mo ní kí fọ́tò máa yí fúnra rẹ̀, mo bá fẹ̀yìn ti àga. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ eegun ẹran tán ni, mo sì ń ṣakọ fáwọn àna mi pé eyín kì í yẹ̀ nílé tiwa.

Fọ́tò àkọ́kọ́: ẹrìgì. Ẹrìgì pupa tó gba ojú tẹlifíṣọ̀n tán, eyín méjì kò sí níwájú. Èkejì: eyín méjì tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àwo funfun. Ẹ̀kẹta: ẹnu tó là gbàǹgbà, eyín ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Màmá béèrè bóyá ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ló gorí ẹ̀rọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, sà. Ọmọ mi obìnrin bá nàka: “Dádì, àmì dúdú abẹ́ ètè yín nìyẹn!” Mo fò mọ́ fóònù, mo tẹ ibi tí kò yẹ, fọ́tò náà bá tún fẹ̀ sí i. Ìyàwó mi tó mọ̀ pé ọ̀kadà ló gba eyín mi kò gbà mí sílẹ̀; ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Fọ́tò Màmá ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mi ò tíì lè sùn dáadáa. Lórí fóònù Android, ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ nínú Wọ́sáàpù àti fọ́tò tó bá a wá kì í gbé yàrá kan náà. Tí fọ́tò bá ti wọlé, inú fódà yìí ló ń lọ:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media/WhatsApp Images
```

Fódà yìí ni gálírì ń yọjú wò. Kò mọ̀ bóyá ìjíròrò tó gbé fọ́tò wá ṣì wà tàbí a ti pa á rẹ́. Àmọ́ fọ́tò tó ṣì rí bàìbàì, tí ọfà àti ìwọ̀n wà lára rẹ̀, kò tíì wọ fóònù rárá. Òjìji rẹ̀ lẹ ń wò.

Media auto-download, tó wà lábẹ́ Storage and data nínú Settings, ló ń pinnu èyí tó máa wọlé fúnra rẹ̀, ti dátà lọ́tọ̀, ti Wáífáì lọ́tọ̀. Nítorí owó dátà, mo ti yọ fọ́tò kúrò lábẹ́ dátà. Mo fi ti Wáífáì sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá wà nílé, lórí dátà, ni fọ́tò Màmá máa ń dé sí gúrúùpù ẹbí, nítorí náà òjìji Màmá ni mo ń wò tí mo ń kọ “Ẹ pẹ́ fún wa o.” Ọ̀gbẹ́ni tó ṣe eyín mi, ọ̀sán ló máa ń fi fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, nígbà tí mo wà lórí Wáífáì ọ́fíìsì. Gbogbo rẹ̀ wọlé láìkànlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù kún. Ìbínú sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o: kí ló dé tí àgbàlagbà á máa fi fọ́tò òdòdó kí èèyàn “ẹ káàárọ̀” lójoojúmọ́ ayé? Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú gúrúùpù ẹbí rẹ́, láìwo àpótí kékeré tó ń béèrè bóyá kí fọ́tò inú gálírì bá a lọ. Wọ́n ti máàkì í tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba fọ́tò Màmá tí mo fọwọ́ tẹ̀ wọlé bá òdòdó lọ. Nígbà tó kan ìjíròrò eléyín, mo wá rí àpótí náà, àyà mi já, mo rò pé gálírì mi látòkèdélẹ̀ ló fẹ́ kó lọ. Mo yọ máàkì. Ìjíròrò lọ, eyín dúró.

Ká ní mo ti pa Media visibility lórí ìjíròrò yẹn kí fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni, inú fódà Private ni wọn ìbá lọ. Fáìlì òfìfo kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní .nomedia, tó ń sọ fún gálírì pé kó má yọjú. Irú rẹ̀ wà nínú fódà Sent, ìyẹn ni fọ́tò tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí eléyín kò fi jáde. Ẹ má fọkàn tán an fún èyí tó ti wọlé ṣáájú o, kì í padà sẹ́yìn.

Àbúrò mi ti tún fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò béèrè wọn mọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ọmọ mi, èló ni ẹni yẹn gbà? Èmi náà ń fẹ́ mẹ́rin.” Mo ní kí n wá nọ́ńbà rẹ̀. N kò fi orúkọ pa á mọ́. Inú ìjíròrò tí mo pa rẹ́ nìkan ló wà. Mo yẹ fọ́tò eyín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí fáìlì ń jẹ́ kò ju ọjọ́ tó wọlé àti WA0007 lọ.