Èṣù Kọ́ Ló Wà Nídìí Ẹ̀

Adápítà USB-C sí HDMI ti wọ ihò fóònù ṣinṣin, wáyà ti dé ara purojẹ́kítọ̀, bùrọ̀dá ẹ̀rọ sì ti tẹ “Source” títí ó fi kan HDMI. Síbẹ̀, “No Signal” nìkan ni ìjọ ń kà lára ògiri. Màmá akọrin ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdè-èṣù.

Ẹ rọra, Mà. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ń gba iná láti ihò yẹn, wọ́n sì ń gbé fáìlì gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé àwòrán jáde. Kí ẹ tó ra adápítà, ẹ wá “DisplayPort” nínú àlàyé fóònù náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yá fóònù Pásítọ̀. Ṣebí àwa la dáwó rà á.