Ẹ̀gbọ́n, Kìnnìún Yín Ti Di Akàn

Ẹ̀gbọ́n mi, Kìnnìún Ìmáṣàyí,

Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ yín ti fi fóònù wo ìràwọ̀ yín lọ́nà ti àwọn ará Íńdíà, tó bá Akàn níbẹ̀, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun yín lọ mọ́. Ẹ ní gbájúẹ̀ ni. Ta ni kò ní bínú? Ẹni tó ya orí kìnnìún sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, tí gbogbo ọ̀nà Ayétòrò ń yà fún, kí wọ́n wá ní ẹran etí odò ni!

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lù yín ní jìbìtì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ tí wọ́n bí yín ṣì wà bó ṣe wà. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ìkà ló yàtọ̀. Ìwé ìròyìn tí ẹ ti ń ka ìràwọ̀ yín àti àwọn ará Íńdíà, àwọn méjèèjì pín ọ̀nà oòrùn sí àmì 12, ìwọ̀n 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oòrùn máa ń wà ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ìràwọ̀ fúnra wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbààwẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ẹ tún gbà á nínú òjò, ẹ mọ̀ pé irú ọdún méjì kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Ọdún òṣùpá ń fi bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ọdún ìràwọ̀ àti ọdún tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn ò jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 20 ni, torí pé ayé ń ṣe gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, ó sì ń lo nǹkan bí ọdún 26,000 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú 20 yẹn ń di odindi ọjọ́ kan ní nǹkan bí ọdún 72. Nínú ìṣirò tí ìjọba Íńdíà ń lò, nǹkan bí ọdún 285 Sànmánì Kristẹni ni ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì pàdé. Lónìí, nǹkan bí ìwọ̀n 24 ló wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, oòrùn ti rin nǹkan bí ìwọ̀n 10 nínú Kìnnìún ti ìwé ìròyìn. Ẹ yọ 24. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ tán lẹ́nu ọ̀nà Kìnnìún, 14 tó kù sì tì yín wọ ilé Akàn. Àmọ́ Ìyá Ìbejì yín, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, wà ní ìwọ̀n 27. Ẹ yọ 24, 3 ṣẹ́kù. Kìnnìún níhìn-ín, Kìnnìún lọ́hùn-ún! Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn àmì kan ni kì í pààrọ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ dúró de ọjọ́ ìbí yín ní 2027. Òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní Luxor, ní Íjíbítì, fún ìṣẹ́jú tó lé ní 6. Àárín àwọn ìràwọ̀ Akàn gan-an ni oòrùn yóò wà.

Ibi tí oòrùn wà nìkan ni àwọn ìṣirò wọ̀nyí lè sọ. Ìwà yín, àwa ará ilé la mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má pa kìnnìún ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì rẹ́. Ẹ kàn kọ “Ìyá Ìbejì” sábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín.