Eégún Ńlá Tí Kò Tíì Ra Aṣọ

Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, olórin tí ń dá ara rẹ̀ gbé jáde láìní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, gbé ìlà mẹ́ta wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní kí n bá òun fi àmì sí wọn lórí, nítorí wọn yóò hàn nínú fídíò tí òun fẹ́ fi polówó orin òun tuntun. Mo wọ awò mi, mo kà á: “Nǹkan kan ń bọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ ṣáà máa retí.”

“Ọmọ mi, kí ló ń bọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín mùsẹ̀. “Bàbá, eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀.”

Òótọ́ ni, ẹni ńlá kì í kánjú jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń dúró de eégún ńlá ti gbọ́ ìlù rẹ̀, wọ́n mọ ìdílé tó ni ín, wọ́n sì ti ń ki í kí ó tó yọ. Nǹkan kan tó ń bọ̀ lásán, òjò lè jẹ́ ẹ, agbowó-orí lè jẹ́ ẹ, àna ẹni tó fẹ́ wá lo oṣù mẹ́ta lè jẹ́ ẹ. Ta ni yóò jókòó máa retí ìwọ̀nyẹn?

Mo bi í léèrè ohun tí orin náà dá lé. Ó ní ìyá òun ni, tí ń kiri ẹ̀kọ, tí kò sì mọ̀ pé igbe ìpolówó rẹ̀ ni òun fi ṣe ègbè. Háà! Oúnjẹ kún ilé, ọmọ yìí ń fi ebi pa àlejò! Mo gba kálàmù, mo kọ ọ́ báyìí:

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kọ orin yìí.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni, ẹrù lórí.
Kò tíì mọ̀ pé mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìlà kìíní mú ni béèrè pé báwo. Ìkejì dáhùn díẹ̀, ó fi ìyókù pamọ́. Ìkẹta ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, pé kí ni ìyá yóò wí? Kí a tó rí èsì, igbe rẹ̀ ta, a gé fídíò síbẹ̀, ọjọ́ ìjáde sì hàn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin fún ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta fún igbe, ó di 15. Tirẹ̀ jẹ́ 40, èéfín ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni yóò jáde?”

“Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá.”

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn olùṣàyàn Spotify yẹ orin rẹ̀ wò, ó yẹ kí ó fi hàn wọ́n, ó kéré tán, ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Mo bi í bóyá ó ti ṣe é. Ó wolẹ̀. Òun ṣì ń wá owó ẹni tí yóò po ohùn àti ìlù pọ̀.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. Ó ká ìwé mi sápò, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ gbé èéfín rẹ̀ jáde.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú igbá òfìfo.

“Bàbá, wọ́n ní ọmọ mi sọ lórí fóònù pé nǹkan kan ń bọ̀. Ṣé kí n tètè lọ ká aṣọ tí mo sá?”