Ta Ló Ń Wá Màmá Láti Jàmáíkà?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn jí lówùúrọ̀, ó bá míìsì kọ́ọ̀lù kan lórí fóònù rẹ̀. +1 876 ló fi bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo ilé ti gbọ́ pé Amẹ́ríkà ń wá ìyá. Wòlíì àdúgbò ní òun ti ríran rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ìyá ra káàdì, ó pè padà. Orin ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, ó sì ṣe sùúrù títí káàdì fi tán.

Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní ìlú Ọba bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́:

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹni yẹn mọ́. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀lé àmì + ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè. Ti 1 yìí, Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ló ni ín. Kánádà àti ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíánì jọ ń lò ó ni. Tí ẹ bá ti rí 1, ẹ ka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. 876, Jàmáíkà ni. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Húsítìn, 713 ni tiwọn. A ò sì lẹ́bí kankan ní Jàmáíkà.

"Tó bá jẹ́ 2 ló ṣíwájú, Áfíríkà ni wọ́n sáábà máa ń jẹ́. Ẹ ka mẹ́ta: 234 tiwa, 233 Gánà, 229 Bẹ̀nẹ̀, 228 Tógò. Íjíbítì ni 20, Gúúsù Áfíríkà ni 27. Méjì péré ni tàwọn yẹn. Ẹ wá ṣọ́ra fún 232 o, Siẹrà Léónè ni. Tí ẹ ò bá wọ awò yín, ẹ ó rò pé ará ilé ni.

"Wọ́n á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á já a. Iye tí wọ́n ń gbà lórí ìpè sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an, àwọn tó fíláàṣì yín sì ń rí nínú rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí orin yẹn kì í fi í tán.

"Àmọ́ ẹ má gbára lé nọ́ńbà nìkan. Gbájúẹ̀ lè mú kí nọ́ńbà ẹlòmíì hàn lójú fóònù yín. Ẹni tó sì ń lo 234 lórí Wáásáàpù lè ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí wọ́n ti gba síìmù ló ń sọ. Ẹni tó bá nílò yín ní tòótọ́ á tún pè."

Ọmọ yìí gbìyànjú. Ó kàn gbàgbé pé wòlíì náà ní fóònù, òun náà sì ti ń ka nọ́ńbà.

Ìyá fi ohùn fèsì: "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. 44 ni tìrẹ, àbí? Òun náà kì í dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí mo bá sì ti pè é padà, owó ló ń lọ."