Dókítà Ń Wáṣẹ́ Lókè Òkun

Bí olùkọ́ yunifásítì bá ń wáṣẹ́ nílé, ẹrù ló máa ń dì. Bó bá ń wáṣẹ́ nílùú òyìnbó, ẹjọ́ ló máa ń rò. Ibi tí wàhálà ti ń dé ni ká di ẹrù ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ká wá rojọ́, tàbí ká lọ máa rojọ́ níwájú ẹni tó ń retí ẹrù.

Mo ní àbúrò kan tó ń kọ́ni nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Àrùn tó máa ń sọ èso kòkó di dúdú lásìkò òjò ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Láti ọjọ́ tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, Dókítà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó rí ìpolówó iṣẹ́ olùkọ́ kan ní England lórí jobs.ac.uk, ó kọ ímeèlì ìwáṣẹ́, ó sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi nítorí pé ibẹ̀ lèmi náà ti ń kọ́ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fojú wò ó kó tó lọ."

Kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan, fáìlì ti kún ojú fóònù mi. Mo ṣí Scan0047.pdf, ìwé ẹ̀rí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni. Mo ṣí Scan0048.pdf, ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi jẹ́rìí pé ọmọ ìlú wa ni lóòótọ́. Ìwé ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ìwé àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ nínú agbádá náà wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbaṣẹ́. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Sà tàbí Mà, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ àti ọ̀wọ̀ ńlá ni mo fi ń tọrọ àyè níwájú yín..." Ó kí ìgbìmọ̀, ó kí yunifásítì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ọba England. Ojú ewé kejì ló tó dárúkọ kòkó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín Dókítà o. Ohun tí ìpolówó ilé máa ń béèrè ló kó wá. Nílé, wọn á ní kí o kọ orúkọ rẹ ní kíkún, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ àti ibi tí wọ́n bí ọ sí, ìpínlẹ̀ rẹ, bóyá o ti ṣègbéyàwó, iye ọmọ rẹ àti ọjọ́ orí wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni, ìjọba sì fẹ́ mọ ibi tí o ti wá, nítorí òfin wà pé kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fo ìpínlẹ̀ rẹ̀ dá, fáìlì rẹ̀ lè má kúrò lórí tábìlì àkọ́kọ́.

Ní England, àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ fojú kàn. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 dáàbò bo ọjọ́ orí, ìgbéyàwó, ẹ̀sìn àti ẹ̀yà, kò sì sí ọmọ ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé torí ọmọ mẹ́rin tí Dókítà bí ni wọn ò ṣe mú un. Àmọ́ ẹ dúró ná. Bí o bá dé ìparí fọ́ọ̀mù orí ayélujára wọn, wọn á tún yọ fọ́ọ̀mù mìíràn sí ọ, wọn á béèrè ẹ̀yà rẹ, ẹ̀sìn rẹ, àti irú ẹni tí ọkàn rẹ máa ń fà sí. Ìkẹyìn yẹn, rẹ́jísírà ilé kò jẹ́ bi ọ́ láéláé! Wọn á wá fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ pé fún ìṣirò lásán ni, pé ìgbìmọ̀ ò ní rí i. Òótọ́ sì ni, wọn kì í rí i.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń rí ni ìwé kan tó máa ń bá ìpolówó rìn, tó to ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni náà sí ọ̀nà méjì: èyí tó pọn dandan, àti èyí tí yóò dáa bó bá wà. Ìwé yìí ni ọmọ ìgbìmọ̀ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ, tó ń fún ọ ní máàkì ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá béèrè nǹkan tí lẹ́tà rẹ ò dáhùn, òdo nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń fúnni ní máàkì lọ. Nínú ìpolówó tí Dókítà rí, ìlà kan béèrè ẹ̀rí pé ó lè kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ò sọ nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń kọ́ irinwó akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn tí iná lè lọ nígbàkigbà, tí ohùn ara rẹ̀ á sì di gbohùngbohùn. Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. Mo ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀, kí o sì kọ bí o ṣe ń ṣe é." Ó kọ ọ́ pé ó pín wọn sí ọ̀wọ́ ogún-ogún, pé olórí ọ̀wọ́ ló ń gba ìbéèrè jọ, pé òun sì ń dáhùn wọn níbẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ibí ń lọ kọ́ irú nǹkan yìí ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

A dé orí àpilẹ̀kọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti tẹ̀ jáde, gbogbo wọn ló sì fẹ́ so mọ́ ímeèlì. Mo ní kó mú mẹ́rin. Ó pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé kí n pa wọ́n ni?" Mo ní kó to gbogbo wọn sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ mẹ́rin péré ni kó fi ránṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí à ń gbà ka àpilẹ̀kọ yàtọ̀ síra. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilé, máàkì ni wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ, wọ́n sì ń pín máàkì náà láàárín àwọn tó kọ ọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dá kọ tirẹ̀ ló jèrè jù. Wọ́n tún máa ń fẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn jáde nínú jọ́nà òkèèrè. Ní Britain, ìjọba máa ń wọn ìwádìí yunifásítì wò lóòrèkóòrè nínú ètò tí wọ́n ń pè ní REF. Nínú ti ọdún 2021, iṣẹ́ márùn-ún ló pọ̀ jù tí wọ́n lè ka mọ́ ẹnì kan lọ́rùn, iye tí wọ́n sì ń retí jẹ́ méjì àbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ kíkún, bí a bá pín in dọ́gba. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, díẹ̀ tó dáa jù ni wọ́n ń wá.

Ewu kan tún wà nínú àpọ̀jù. Àwọn jọ́nà kan wà tó jẹ́ pé owó lásán ni wọ́n ń gbà. Orúkọ wọn máa ń tóbi bí ti àjọ àgbáyé, wọn á gba àpilẹ̀kọ rẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan láìsí pé ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé owó á sì tẹ̀ lé e. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé ìkàwé kan ní Colorado, Jeffrey Beall, to orúkọ irú wọn jọ fún ọdún mélòó kan kó tó pa á rẹ́ lórí ayélujára ní January 2017, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì mọ̀ wọ́n lójú. Márùn-ún nínú ti Dókítà ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń wá jọ́nà òkèèrè fún ìgbéga nílé. Bó bá so wọ́n mọ́ ímeèlì, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Ó mú mẹ́rin gidi, ó kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn, àti ohun tí òun fọwọ́ ara òun ṣe nínú rẹ̀. Ó wá sọ àwọn fáìlì náà lórúkọ ara rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n jáde. Scan0047 pòórá.

Àlàyé iṣẹ́ ìwádìí ló wá le jù. Èyí tí Dókítà kọ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kòkó dé Nàìjíríà, ó gba orí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì kọjá, ó parí sí àná. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ "mo ti ṣe, mo ti ṣe." Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i. Ó dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èèyàn á máa sọ ìyẹn síta ni?" Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Nílé, ẹni tó bá ń ka ètò ọdún mẹ́ta rẹ̀ sétí aráyé, ìyá rẹ̀ á ní kó pa ẹnu mọ́ kó lọ gbàdúrà.

A jókòó tì í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá gbé síwájú: àwọn àgbẹ̀ Òǹdó máa ń ka ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó fín oògùn sí kòkó, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, bí wọ́n bá ń wo òjò dípò ọ̀sẹ̀, ṣé oògùn tí wọ́n ń fín á dín kù láìsí pé èso púpọ̀ jẹrà? Ìpínrọ̀ kejì fi àpilẹ̀kọ mẹ́rin yẹn sọ ohun tó ti mọ̀. Ẹ̀kẹta sọ ètò rẹ̀: lọ́dún kìíní, kó gbé òṣùwọ̀n òjò sínú oko, kó máa ka èso tó jẹrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; lọ́dún kejì, kó fi oko tó ń wo òjò wé oko tó ń ka ọ̀sẹ̀; lọ́dún kẹta, kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn dán an wò. Ó sọ ohun tó lè bà á jẹ́ pẹ̀lú: bí ọ̀dá bá dá lọ́dún kejì, ìfiwéra náà ò ní já mọ́ nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ oko ní ìlú méjì. Ó parí rẹ̀ sórí àjọ tí òun lè béèrè owó lọ́wọ́ wọn, àti irú iṣẹ́ tí ẹ̀ka náà ń ṣe tó lè bá tirẹ̀ rìn. Ojú ewé méjì ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ímeèlì fúnra rẹ̀ ò gbà á ní àkókò. Orúkọ iṣẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè, ìpínrọ̀ mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀: ẹni tí mo jẹ́, ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn, àti ìdí tí mo fi yan ẹ̀ka yín. Ìkíni ò ju ìlà kan lọ. Dókítà ní ó ń ṣe òun bí ẹni tó wọlé àgbà láìdọ̀bálẹ̀.

Kí ará òkèèrè má rò pé òun ló gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Manchester fẹ́ padà sílé, ó sì fi irú ímeèlì àti àlàyé ojú ewé méjì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì kan. Wọ́n dá a lóhùn pé kó fi ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ránṣẹ́ lórí ìwé, pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ìwé àgùnbánirọ̀, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìpolówó jáde. Nípa ètò ọdún mẹ́ta tó fi ọ̀pọ̀ òru kọ, wọn ò béèrè nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló wá ìwé àgùnbánirọ̀ náà rí nísàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Wọ́n pe Dókítà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni ohun tó máa ṣe bí ọ̀dá bá dá ní ìlú méjèèjì. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún níṣẹ́ náà, àmọ́ ó ti fi àlàyé yẹn kan náà wáṣẹ́ síbi méjì mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wáṣẹ́ lókè òkun, àlàyé iṣẹ́ ìwádìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà. Ẹni tí ò bá mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún kejì, kó má tíì fi ímeèlì kankan ránṣẹ́.